Ọjọ́ Tí Àlejò Wa Máa Lọ

Ní ilé wa, bàbá mi ni kì í kánjú, èmi ni mo máa ń kánjú. Tíṣà ni wọ́n ní Èkìtì kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, tí wọ́n kó èmi àti màmá mi wá sí Ìdímù, tí wọ́n sì dá iléeṣẹ́ kékeré kan sílẹ̀ lọ́nà Ìgàndò, níbi tí a ti ń fún àdín láti ara ẹkùrọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì rò pé orí wọn ti yí. Tíṣà àgbà tí gbogbo ìlú ń pè ní ọ̀gá ló wá ń rùn fún àdín láti àárọ̀ dalẹ́. Bàbá mi á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ó sàn kí èèyàn rùn fún àdín ju kí ẹnu ẹ̀ máa rùn fún ebi lọ. Èmi ni akọ̀wé wọn. Èmi ni mò ń tẹ lẹ́tà, èmi ni mò ń gba ẹkùrọ́ lọ́wọ́ àwọn obìnrin tó ń kó o wá, èmi náà ni mò ń lé àwọn adìyẹ tó bá wọlé wá ṣà á jẹ.

Ọkùnrin ará India kan ló rọ ẹ̀rọ tí a fi ń fún àdín náà. Bàbá mi rí àdírẹ́sì rẹ̀ nínú ìwé ìpolówó kan, wọ́n kọ̀wé sí i, ó dá wọn lóhùn, bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹgbẹ́ bàbá mi ni, ó sì yẹ kí n máa fi "wọ́n" pè é, ṣùgbọ́n tí mo bá pe àwọn méjèèjì ní "wọ́n", ẹ ò ní mọ ẹni tí mò ń sọ. Ẹ jẹ́ kí n fi "ó" pè é, kó má bínú sí mi. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, inú lẹ́tà nìkan ni wọ́n ti mọ ara wọn. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ni wọ́n kọ́kọ́ ń sọ, nígbà tó yá ọ̀rọ̀ ilé wọ̀ ọ́. Nígbà tí irin ńlá inú ẹ̀rọ wa kán, ó ti fi òmíràn ránṣẹ́ kí a tó bẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, bàbá mi kọ lẹ́tà ìbánikẹ́dùn tó gùn tó ìwàásù sí i. Fọ́tò kan ṣoṣo ló fi ránṣẹ́ rí, òun àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ló dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù wọn, ojú ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn kò ju hóró ìrẹsì lọ.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n dá a lábàá pé kí àwọn méjèèjì di alájọṣe. Wọ́n fẹ́ jọ máa ṣe irú ẹ̀rọ náà ní Nàìjíríà. Òun á máa fi àwọn apá tó ṣòro rọ ránṣẹ́, àwọn wẹ́dà wa á máa rọ ìyókù, a ó sì máa tò ó pọ̀ ní Ìgàndò. Irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ kò ṣeé fi lẹ́tà nìkan ṣe. Ó yẹ kó wá wo ibi tí a wà, kó rí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn wẹ́dà náà, kí wọ́n sì jọ jókòó fọwọ́ sí ìwé.

Ọdún yẹn náà ni ojú bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. A ò tètè mọ̀. Wọ́n á kọ lu àpótí ìjókòó, wọ́n á sì bínú pé ta ló gbé e síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ló ti ń wà láti ọjọ́ tí a ti dé. Wọ́n á bu tíì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ọ̀bù. Màmá mi ní àgbà ni, èmi ní ìwé kíkà ni, gbogbo wa kàn ń sọ ohun tó bá wá sí wa lẹ́nu. Nígbà tí mo wá mú wọn lọ sí ọsibítù ojú, dókítà wò wọ́n pẹ́, ó ní àrùn kan wà tí kì í dun èèyàn, tó máa ń jẹ ojú láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín, àti pé ó ti jẹ tiwọn dé ibi tó kù díẹ̀. Ó ní ohun tó ti lọ kò ní padà. Ó kọ oògùn tí wọ́n á máa kán sí i, bóyá èyí tó kù lè pẹ́ díẹ̀.

A wọ mọ́tò padà sílé. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀ ní Ìkòtún, tí a ń dúró de mọ́tò Ìdímù, bàbá mi di apá mi mú. Wọ́n ní, "Mo fẹ́ rí ọkùnrin yẹn kí ilẹ̀ tó ṣú mọ́ mi. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Mi ò lè bá èèyàn da nǹkan pọ̀ kí n máà mọ bí ojú ẹ̀ ṣe rí."

Mo ní kò burú, a máa sọ fún un pé kó tètè máa bọ̀. Wọ́n ní kí n má ṣe sọ ọ̀rọ̀ ojú fún un o. Ọkùnrin náà fẹ́ bá ẹni tó ríran da nǹkan pọ̀, kò yẹ kí a fi ọ̀rọ̀ àìsàn fà á wá. Kó wá nítorí iṣẹ́. Tó bá ti dé, àwọn á sọ fún un fúnra àwọn. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ ohun tí a ń lé.

Ọkùnrin India náà fẹ́ wá. Ó lọ bèèrè ní ọ́fíìsì aṣojú ìjọba Nàìjíríà tó wà ní olú-ìlú wọn, ó sì kọ gbogbo ohun tí wọ́n ní kó mú wá ránṣẹ́ sí wa. Òun á mú pásípọ́ọ̀tù, fọ́ọ̀mù, fọ́tò àti tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àti àbọ̀ wá. Ti àwa ni lẹ́tà ìpè, lórí ìwé tó ní orúkọ iléeṣẹ́ wa lókè. Wọ́n fẹ́ kí a kọ orúkọ rẹ̀ bó ṣe wà nínú pásípọ́ọ̀tù, nọ́ńbà pásípọ́ọ̀tù náà, iṣẹ́ tó ń ṣe, ohun tó da iléeṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ mọ́ tiwa, ohun tó ń bọ̀ wá ṣe, ìgbà tó máa dé, iye ọjọ́ tó máa lò, ibi tó máa sùn àti ẹni tó máa bọ́ ọ. Wọ́n tún fẹ́ kí iléeṣẹ́ wa ṣe onídùúró rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn Imigiréṣọ̀n: pé a mọ̀ ọ́n, pé kò ní ju ọjọ́ rẹ̀ lọ, àti pé tó bá di pé kí wọ́n dá a padà sílé, àwa la máa ru ẹrù ẹ̀. Kí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ fọwọ́ sí i, kí a lu òǹtẹ̀, kí a so ẹ̀dà ìwé ìforúkọsílẹ̀ iléeṣẹ́ mọ́ ọn.

Mo tẹ ẹ́ bí wọ́n ṣe sọ, kò sí èyí tí mo fò. Bàbá mi gbé dígí tó ń mú ọ̀rọ̀ tóbi lé e, imú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìwé. Orí wọn ń mì títí wọ́n fi dé ibi tí mo ti kọ ọ̀sẹ̀ méjì. Ni wọ́n bá na ọwọ́ fún bírò pupa. Tíṣà kì í kúrò lára èèyàn.

Wọ́n ní, "Ta ló kọ́ ẹ pé kí o máa sọ ọjọ́ tí àlejò máa lọ kó tó dé?"

Mo ní, "Bàbá, àwọn ló bèèrè. Kì í ṣe àlejò la ń kọ ọ́ sí, ìjọba ni."

Wọ́n ní, "Ta ló máa gbé e lọ fún ìjọba? Àlejò náà ni. Ó máa kà á. Ó máa ka ibẹ̀ pé mo ti ṣírò ọjọ́ tó máa kúrò nílé mi, ó tún máa kà á pé mo ṣèlérí láti dá a padà. Ṣé olè ni?"

Mo yíjú sí màmá mi kí wọ́n bá mi sọ ọ́, àṣé ibi tí mo rò pé ìrànlọ́wọ́ ti ń bọ̀ gan-an ni wọ́n ti máa dá mi lẹ́bi. Màmá mi ní àwọn kò gbọ́ ọ rí. Wọ́n ní ní ilé bàbá àwọn, tí àlejò bá ti lo oṣù kan, èèyàn kì í gbálẹ̀ ẹ̀gbẹ́ àkéte rẹ̀ kó má baà rò pé wọ́n ń gbá òun jáde. Àwọn méjèèjì jọ ń wò mí bí ẹni tí wọn kò kọ́ nílé. Mo ṣàlàyé, mo tún ṣàlàyé, mo ní àwọn òyìnbó ló kó irú ìwé yìí wá, kò sí ẹni tó máa bínú sí i. Bàbá mi ní ará India kì í ṣe òyìnbó, àgbà ni, ó sì nílé.

Wọ́n wá fi ẹnu ara wọn pe ọ̀rọ̀ tí mo fi rọ́pò rẹ̀. Mo ṣì rántí ẹ̀. Wọ́n ní ilé wa ni ilé rẹ̀, pé kó wà lọ́dọ̀ wa títí ara rẹ̀ á fi balẹ̀ tí ohun tó bá wá á sì fi yanjú, àti pé bó bá ti wà lábẹ́ òrùlé wa, ohun tó bá ṣe é, àwa ló ṣe. Gẹ̀ẹ́sì tó dùn ni wọ́n fi pè é. Inú ń bí mi, mo ń gbá tàíprátà náà débi pé màmá mi bi mí bóyá iyán ni mò ń gún. Ṣùgbọ́n mi ò ní parọ́, lẹ́tà náà dára. Tí ẹnì kan bá kọ irú rẹ̀ sí mi, màá lọ.

Wọ́n fọwọ́ sí i, ọwọ́ wọn ṣì dúró dáadáa nígbà yẹn, wọ́n fa ìlà gígùn sí abẹ́ orúkọ wọn. Àwọn ará ibẹ̀ ti sọ pé èyí tí yíǹkì wà lára rẹ̀ gan-an làwọn fẹ́, pé àwọn kò ní gba ẹ̀dà tí ẹ̀rọ fáàsì bá fi ránṣẹ́, nítorí náà mo gbé e lọ fún àwọn tó ń fi ọkọ̀ òfuurufú gbé lẹ́tà kíákíá lọ sókè òkun. A bẹ̀rẹ̀ sí í retí.

Ojú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ la ti ń san án. Wọ́n kun yàrá iwájú, wọ́n ra kọ́tìnnì. Màmá mi gbọ́ pé kì í jẹ ẹran, wọ́n bá ń fi àwa dánra wò: ẹ̀wà lónìí, ẹ̀fọ́ aláìlẹ́ja lọ́la, títí mo fi ń bẹ Ọlọ́run kí ọkùnrin náà tètè dé kí n lè rí ẹran jẹ. Bàbá mi ní tiwọn ń wo nǹkan. Wọn kì í wò ó báyìí tẹ́lẹ̀. Wọ́n á dúró ti ẹ̀rọ, wọ́n á wò ó pẹ́. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan màmá mi ń ṣa ẹ̀wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n gbórí sókè, wọ́n bi bàbá mi pé kí lẹ ń wò. Bàbá mi ní, "Ìwọ ni mò ń wò." Màmá mi gbé atẹ ẹ̀wà, wọ́n wọlé lọ, mo sì gbọ́ pé wọ́n ń sunkún.

Nígbà tí èsì fi máa dé, bàbá mi kò lè ka lẹ́tà mọ́, àfi kí n kà á fún wọn. Mo ya á ní iléeṣẹ́, mo sáré fojú gbá a kí n tó ṣí ẹnu, ó sì wù mí kí n sọ pé kò tíì sí lẹ́tà. Ọkùnrin India náà ní òun wọ ọkọ̀ ojú irin láti ìlú òun dé olú-ìlú, òun tò, ó kan òun. Òṣìṣẹ́ tó gba lẹ́tà wa kà á tán, ó bi í pé ọjọ́ mélòó ló fẹ́ lò. Ó ní wọ́n ní kí òun dúró títí ara òun á fi balẹ̀. Òṣìṣẹ́ náà kò bú u, ó ní ọ̀rọ̀ tó dáa ni, ṣùgbọ́n òun kò lè kọ ìyẹn sínú físà. Iye ọjọ́ kò sí nínú rẹ̀, kò sì sí ibi tí iléeṣẹ́ wa ti gbà láti dúró fún un lọ́dọ̀ Imigiréṣọ̀n. Wọ́n dá gbogbo ìwé rẹ̀ padà fún un. Ó ní kí a má bínú, kí a tún òmíràn kọ. Ó ní nínú gbogbo lẹ́tà tí wọ́n ti kọ sí òun láyé, èyí ló dùn mọ́ òun jù, pé wọ́n dá a padà fún òun, òun sì ti tọ́jú rẹ̀.

Bàbá mi ní kí n ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo kà á. Inú mi ń gbóná, mo ti múra láti sọ pé mo sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo ojú wọn, mo ká lẹ́tà náà pọ̀. Wọ́n jókòó sórí àpò ẹkùrọ́, wọ́n ń fi ọwọ́ nu itan wọn.

Ọjọ́ bíi mélòó kan ni wọ́n fi rò ó. Ó ń ká mi lára, mo ń wo ojú wọn tó ń lọ, mo ń wo tàíprátà tó ń ṣòfò. Nígbà tó yá wọ́n pè mí, wọ́n ní, "Kọ ọ́ bí wọ́n ṣe fẹ́ ẹ. Kọ ọ̀sẹ̀ méjì. Kọ ọ́ pé màá dá a padà." Wọ́n tún ní, "Kó o kọ ọ́ sí i pé mo bọ̀wọ̀ fún un." Mo kọ gbogbo rẹ̀, títí kan ọ̀wọ̀ náà.

Mo gbé e síwájú wọn kí wọ́n fọwọ́ sí i. Wọ́n mú bírò, wọ́n fi ọwọ́ kejì wá etí ìwé kàn, wọ́n bẹ̀rẹ̀. Orúkọ wọn bọ́ sórí ọ̀rọ̀ tí mo tẹ̀, ó gba àárín ìlérí onídùúró kọjá, ó sì parí sórí tábìlì. Wọ́n bi mí pé ṣé ó wà níbẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo mọ bí ojú wọn ṣe lọ tó. Mo ní yíǹkì ti dà sí i, kí n tẹ òmíràn. Wọ́n mọ̀. Nígbà tí mo tẹ òmíràn tán, mo gbé ìka wọn sí ibi tí ìlà wà, mo di ọrùn ọwọ́ wọn mú títí wọ́n fi parí orúkọ wọn, bí wọ́n ṣe ń di ti àwọn ọmọ kíláàsì kìíní mú láyé ọjọ́un. Mo lu òǹtẹ̀ sí i.

Lójú tiwa, lẹ́tà náà ti dé tán, àṣé ẹni tó ń pín nǹkan láyé kò tíì gbà bẹ́ẹ̀. Àsìkò yẹn ni àwọn òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀, tí epo bẹntiróòlù wọ́n, tí gbogbo ìlú tì pa. Àpò lẹ́tà tó yẹ kó lọ kò lọ. Mo ń rìn láti Ìdímù lọ sí Ìgàndò àti láti Ìgàndò bọ̀, mo ń bá ìjọba jà, mo ń bá àwọn òṣìṣẹ́ jà, kò sí ẹni tó gbọ́ mi. Oògùn ojú náà wọ́n, mo wá a dé àdúgbò Command, mi ò rí i. Nígbà tí ìlú tún ṣí, lẹ́tà lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn ìyẹn, bàbá mi ní kí màmá mi ṣí fèrèsé. Fèrèsé ti ṣí, oòrùn ti dé orí ibùsùn wọn. Màmá mi dìde, wọ́n lọ sí ìdí fèrèsé náà, wọ́n tì í, wọ́n wá ṣí i padà kí bàbá mi lè gbọ́ ọ. Bàbá mi ní o ṣeun.

Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n kọ ọ̀rọ̀ ojú wọn sí ọkùnrin náà báyìí. Mo ní tó bá mọ̀, kò ní náwó àti agbára lásán. Wọ́n ní irú ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ti lẹ́tà, kó kọ́kọ́ dé ná. Mi ò bá wọn jiyàn mọ́. Nígbà tí èsì wá dé pé wọ́n ti fún un ní físà, mo kà á fún wọn, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, wọ́n sì ní kí n padà sẹ́nu iṣẹ́ mi.

Èmi ni mo lọ pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú, pẹ̀lú ẹ̀dà lẹ́tà náà lọ́wọ́ tí àwọn Imigiréṣọ̀n bá bèèrè. Wọ́n bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ nínú lọ́hùn-ún, tirẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n lu òǹtẹ̀ sí pásípọ́ọ̀tù rẹ̀, ó jáde. Ọkùnrin kúkurú ni, ó rẹ̀ ẹ́, báàgì rẹ̀ wúwo fún irin. Títí a fi kọjá Ẹ̀gbẹ́dá, ọ̀rọ̀ bàbá mi ló ń bi mí. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ga, bóyá wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín bí wọ́n ṣe máa ń pani lẹ́rìn-ín nínú lẹ́tà. Ó bi mí bóyá ara wọn le. Mo ní wọ́n ń retí rẹ̀.

Bàbá mi ti dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nínú bùbá àti ṣòkòtò funfun. Wọ́n gbọ́ ìró ilẹ̀kùn mọ́tò, wọ́n na ọwọ́ jáde, ẹ̀rín wà lẹ́nu wọn. Ọwọ́ náà kọjú sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò sí, sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ọkùnrin India náà dúró. Ó wò mí, mo wolẹ̀. Kò fa ọwọ́ bàbá mi, kò sì pè wọ́n. Ó gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, ó rìn lọ sí ibi tí ọwọ́ náà kọjú sí, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.

Bàbá mi ní, "Ẹ káàbọ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń retí àtirí yín."

Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ fún un, lórí ìdúró níbẹ̀, kó tó mu omi. Wọ́n ní ojú àwọn ti lọ, kò pẹ́ tó lọ, tó bá jẹ́ pé kò fẹ́ fọwọ́ sí àdéhùn mọ́, àwọn kò ní bínú, kó ṣe àlejò àwọn kó sì padà sílé.  Omi ń bọ́ lójú ọkùnrin náà, kò sì nù ún, bóyá nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ bàbá mi. Ó wá ní òun kò mọ̀ pé wọ́n ń kánjú. Bàbá mi ní, "Èmi náà ni mi ò sọ."

Wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ méjì náà, àwọn méjèèjì ló máa ń wà nídìí ẹ̀rọ ní Ìgàndò, bàbá mi á gbé àtẹ́lẹwọ́ lé irin, wọ́n á sọ ibi tó ti ń gbọ̀n jù, òun náà á gbé tirẹ̀ lé e, á ní òótọ́ ni. Àwọn wẹ́dà rọ nǹkan fún un, ó wò ó, ó ní ó tẹ́ òun lọ́rùn. Mo rí i pé inú bàbá mi dùn, mo sì rí i pé bó bá ti rẹ́rìn-ín, wọ́n á yí ojú sí ìró ẹ̀rín náà, wọ́n á máa wá nǹkan níbẹ̀.

Nígbà tí ọjọ́ pé, màmá mi ní ṣé kò lè fi ọ̀sẹ̀ kan kún un ni. Ó ṣeé ṣe, èèyàn lè lọ bẹ Imigiréṣọ̀n kí wọ́n fi ọjọ́ kún un, ṣùgbọ́n tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti ní ọjọ́ tirẹ̀, àwọn èèyàn rẹ̀ sì ń retí rẹ̀. Bàbá mi ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, ohun tí àwọn fọwọ́ sí nìyẹn. Wọ́n sìn ín dé ìdí mọ́tò. Mo gbé e dé pápákọ̀, mo dúró títí ó fi wọlé, mo padà sílé.

Bàbá mi ṣì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ní kí n jókòó, kí n sọ bí ọkùnrin náà ṣe rí fún àwọn. Mo sọ ọ́. Mo sọ irun rẹ̀ tó ti funfun ní ẹ̀bátí, ihò tó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó bá rẹ́rìn-ín, eyín iwájú rẹ̀ kan tó gun èkejì, àwọn ìlà tó wà níwájú orí rẹ̀. Wọ́n ń gbọ́, wọ́n ń mi orí bí ẹni tó ń ka á. Wọ́n ní kí n tún ti eyín yẹn sọ, mo tún un sọ.

Lẹ́yìn náà wọ́n gbórí ti ẹ̀yìn àga, mo rò pé oorun ti gbé wọn lọ. Wọ́n wá ní, "Ìwọ ńkọ́?"

Mo ní, "Èmi ńkọ́ báwo, Bàbá?"

Wọ́n ní, "Bí mo bá ń gbọ́ ohùn ẹ, ojú tí mo ń rí ni ti ìgbà tó o ṣì ń lọ sílé ìwé ní Èkìtì. Mo ti ń wá ojú ẹ tòní láti àárọ̀, mi ò rí i. Mo wo ìyá ẹ, mo wo ẹ̀rọ, mo ń pa ojú tó kù mọ́ de àlejò. Ìwọ, o wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nígbà gbogbo, ò ń tẹ lẹ́tà. Mi ò rántí wò ẹ́."

Mo gbé àga mi sún mọ́ wọn, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti orí irun mi.